Kọ Ọ́ sí Òun Nìkan: Sí Káyọ̀dé, Nípa Ọmọbìnrin Onítòmátì

Turffontein,
Johannesburg.
Ọjọ́ Ajé.

Káyọ̀dé, Àkànbí ọmọ mi,

Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí wásáàpù, mo mọ̀ pé o kò ní gbọ́ ọ tán. Wàá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wàá kọ "Shap, Mum," ó parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti tábìlì ilé ìdáná, tí mo mú bírò. Bàbá rẹ ló máa gbé lẹ́tà yìí wá bá ọ ní Troyeville lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí mo ṣèlérí. Jọ̀ọ́, ka lẹ́tà náà kí o tó ṣí abọ́ ọbẹ̀. Mo mọ ẹni tí mo bí.

O kú ilé tuntun, o kú iṣẹ́ tuntun. Olúwa yóò jẹ́ kí ilé náà tù ọ́ lára. Ilé wa níbí ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí o ti kó lọ. Kò sí ẹni tó ń kó bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ti ṣófo sí mi lójú ọ̀nà mọ́, kò sì sí ẹni tó ń tú iyẹ̀pẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi. Mo rò pé inú mi máa dùn sí i, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àárò rẹ ń sọ mí.

Ó yá, ká wá sórí ọ̀rọ̀ àná. Mo ti pè ọ́ lórí rẹ̀, o sì ti bínú pa fóònù. Mi ò bínú sí ọ. Àmọ́ o kò jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, ó sì yẹ kí o mọ̀ ọ́n, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ràn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, àwa ìyá jókòó ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, à ń mu tíì. Bímpé wà níbẹ̀, ọmọ Màmá Bímpé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Durban dé, tí ìwọ kò tíì bá pàdé rí. Ó gbé fóònù sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin mummy, ẹ wá gbọ́ ohun tí bọ̀dá kan kọ sí mi lórí áàpù tí a fi ń wá olólùfẹ́ o. Eish!" Ló bá kà á síta. Gẹ̀ẹ́sì ni, àmọ́ ohun tó sọ nìyí: "Ẹlẹ́wà, mo rí ojú ewé rẹ, ọkàn mi gbọ̀n. Mo rí i pé ìwọ náà fẹ́ràn iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ìfẹ́ dà bí òdòdó, a gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín. Ṣé mo lè jẹ́ olùṣọ́gbà ọkàn rẹ?"

A rẹ́rìn-ín, Káyọ̀dé. Èmi gan-an ló rẹ́rìn-ín jù, tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú mi jáde. Mo ní, "Ta ló bí eléyìí?"

Ibẹ̀ ni Tósìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ní, "Dúró ná, dúró ná." Ó yọ fóònù tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, láti "Ẹlẹ́wà" dé "olùṣọ́gbà." Tósìn kì í gbin nǹkan kan. Eré sísá ló kọ pé òun fẹ́ràn. Bọ̀dá náà pààrọ̀ "iṣẹ́ ọ̀gbìn" sí "eré sísá," ó wá gbàgbé òdòdó àti omi sílẹ̀ síbẹ̀. Àfi bí ẹni pé ọmọ náà máa ń sáré lọ bomi rin ín. Ni Bímpé bá na fóònù sí mi kí n wo àwòrán olùṣọ́gbà náà, mo sì rí ẹ̀rín ọmọ mi, nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tí mo rà fún un fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́.

Màmá Bímpé náà wò ó, ó sì wo ojú mi. Ó ní, "Màmá Káyọ̀dé, ẹ mu tíì yín, ó ti ń tutù." Obìnrin rere ni.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nígbà tí mo pè ọ́, o ní o fẹ́ yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù rẹ pátápátá. Lálẹ́, o pè mí padà, o sì sọ ohun kan tí mi ò gbàgbé. O ní, "Mum, ọ̀kan wà tí mi ò tíì kọ nǹkan sí. Lerato. Ẹ̀rù ń bà mí láti kọ ọ́." O ní láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lo ti ń wo ojú ewé rẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló ń wù ọ́ tọkàntọkàn, o sì ń bẹ̀rù pé tí o bá bà á jẹ́, kò sí èkejì. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Má yọ áàpù kankan. Ọmọ Sotho ni, o sọ bẹ́ẹ̀, o sì dákẹ́ bí ẹni tó ń retí kí n pariwo. Ṣé mo pariwo? Ọmọbìnrin tó gbin tòmátì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, bí o ti sọ fún mi, tó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí yìnyín pa á, irú rẹ̀ kò pọ̀ ní ìlú kankan.

Kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan fún ọ tí bàbá rẹ kò fẹ́ kí n sọ.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ní Iléṣà, kò sí áàpù. Ìwé ìròyìn ni a ní. Ojú ewé kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn èèyàn ti ń wá ọ̀rẹ́ tí wọn yóò máa bá kọ̀wé. Wàá fi orúkọ rẹ ránṣẹ́, àdírẹ́sì, àti ohun tí o fẹ́ràn. Èmi kọ "gbígbin òdòdó." Kí ni mo rí gbà? Lẹ́tà kún inú àpótí ilé ìwé wa. Gbogbo wọn ló ń fi gègé wúrà kọ̀wé, gbogbo wọn ló sì rí òṣùpá nínú orúkọ mi. Èyí tó dùn jù nínú wọn wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan ní Ìbàdàn. Mi ò mọ èsì tí n ó kọ, mo bá lọ yá ìwé kékeré kan lọ́wọ́ Fúnkẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá, ìwé tí wọ́n ti kọ àpẹẹrẹ lẹ́tà ìfẹ́ sí. Mo ṣí i. Lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni yẹn ló wà ní ojú ewé kẹrin. Èsì rẹ̀ sì wà ní ojú ewé karùn-ún.

Mo da ojú ewé karùn-ún kọ ránṣẹ́ sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi ìyá rẹ. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìwé náà fi parí. Nígbà tó wá kí mi ní Iléṣà, a jókòó, a wo ara wa, kò sí ohun tí a lè sọ. Kí la fẹ́ sọ? A kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ rí. Ìwé ló ń bá ìwé sọ̀rọ̀. Ó mu mínírà rẹ̀ tán, ó dìde, ó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni lẹ́tà kékeré kan wọlé láti Àkúrẹ́. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní òun rí i pé mo ń gbin òdòdó. Ó ní òun náà gbìyànjú rẹ̀ níwájú ilé, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ onílé jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ewúrẹ́ kì í fi jẹ tiyín?"

Mo ka ìbéèrè yẹn, mo bú sẹ́rìn-ín. Nítorí ewúrẹ́ ni ìṣòro mi! Ẹnikẹ́ni tó ti gbin òdòdó rí ní Iléṣà mọ̀ pé kì í ṣe omi, kì í ṣe oòrùn, ewúrẹ́ ni. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ewúrẹ́ sí. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé èèyàn gidi ló jókòó tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ló ń gbé ọbẹ̀ wá fún ọ yìí.

Ìmọ̀ràn mi nìyí.

Èkínní. Aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. Ó pẹ́ tí mo ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, mo mọ iṣẹ́ tí wọ́n dà kọ. Kì í ṣe pé ó burú ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ó máa ń dára jù, ó máa ń dán, kò sì ní dáhùn ìbéèrè tí mo béèrè. Nítorí náà, bí o bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ tán, bi ara rẹ pé: ṣé mo lè fi èyí ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìpààrọ̀ nǹkan kan? Bí o bá lè fi ránṣẹ́ sí Bímpé, kì í ṣe ti Lerato. Pa á rẹ́.

Èkejì. Mo bẹ Bímpé kó fi bí áàpù náà ṣe ń rí hàn mí. (Ó ti dárí jì ọ́. Ó ní kí n kí olùṣọ́gbà.) Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ rí kò ju àwòrán kékeré, orúkọ, àti ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́ lọ. Ìyókù wà nínú, títí yóò fi tẹ̀ ẹ́. Mo wo tirẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: "Ẹlẹ́wà," "Báwo ni, ẹlẹ́wà," "Báwo ni ọjọ́ rẹ." Ta ni yóò ṣí èwo? Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ilẹ̀kùn. Má fi ẹwà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní dígí nílé. Fi ohun tó ń ṣe bẹ̀rẹ̀.

Mo sì mọ ibi tí o ti fẹ́ ṣàṣìṣe mìíràn, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ẹni tí kò lè kí ni kú àbọ̀ pàdánù ẹ kú ilé. Nínú ilé wa, èèyàn ń kí ara, ó ń kí ilé, ó ń kí iṣẹ́, ó ń kí ojú ọjọ́, kó tó sọ ohun tó bá wá. Ó dára lẹ́nu ọ̀nà àgbà. Lórí fóònù, níwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́, ìkíni yẹn ti jẹ gbogbo àyè tán kí o tó dé orí ọ̀rọ̀. Kí i lẹ́ẹ̀kan, kí o sì wọlé.

Ẹ̀kẹta, wò ó dáadáa kí o tó kọ. Wíwò kì í ṣe ṣíṣọ́ o! Má lọ máa wá ibi iṣẹ́ rẹ̀ tàbí àdúgbò rẹ̀ káàkiri íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó fi síta lójú ewé náà nìkan ni tìrẹ, mú ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀. Bí o bá ka gbogbo rẹ̀ fún un bí ìròyìn, yóò rò pé ọlọ́pàá ni ọ́. O ní ó kọ pé òun ń gbin tòmátì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní bákónì, àti pé "Yìnyín mẹ́ta, tòmátì òdo," bí ẹni tó ń ka èsì bọ́ọ̀lù. O ní nínú àwòrán kejì, kọ́tìnì àtijọ́ kan wà lórí tòmátì náà. Káyọ̀dé, o rí kọ́tìnì, o sì ń sọ̀rọ̀ òdòdó? Kọ́tìnì yẹn ni ewúrẹ́ rẹ!

Ẹ̀kẹrin, béèrè ohun tí o fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, tó sì rọrùn láti dáhùn. "Kí ló mú ọ fẹ́ràn iṣẹ́ ọ̀gbìn?" kì í ṣe ìbéèrè, ìdánwò ni. Ìbéèrè kan tó. Lẹ́yìn rẹ̀, fi díẹ̀ kún un nípa ara rẹ, kó má bàa dà bí ẹni pé ò ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Má sì ṣe ògbóǹtarìgì. Ohun tí o kùnà nínú rẹ̀ sàn ju ohun tí o mọ̀ lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń da ìkùnà tirẹ̀ kọ láti inú ìwé.

Bí o bá ti fi ránṣẹ́, gbé fóònù sílẹ̀. Bí kò bá dáhùn, má kọ èkejì, má fi àmì ìbéèrè méjì lé e, má bi í pé kí ló dé. Kò jẹ ọ́ ní èsì. Má sì tọrọ nọ́ńbà rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

*Ọjọ́ Rú.*

Mo rò pé mo ti kọ lẹ́tà yìí tán, o bá pè mí ní àárọ̀ yìí, kí n tó lọ sí ilé ìwé. Ara rẹ kò gbà á, o ti kọ nǹkan sílẹ̀, o fẹ́ kí n gbọ́. Ó dára náà, n ó kọ bó ṣe lọ síbí, kó lè wà lọ́wọ́ rẹ.

O kọ́kọ́ ka gbólóhùn gígùn kan ní èdè Sotho. Mo ní, "Níbo lo ti rí i?" O ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kẹta?" O ní o kò mọ̀ ọ́n. Mo bi ọ́ pé èwo lo máa ń sọ fúnra rẹ. O ní, "Dumela. Mo máa ń kí síkiọ́ríìtì ilé wa bẹ́ẹ̀." Mo ní kí o fi Dumela sílẹ̀, kí o ju ìyókù nù. Tìrẹ ni Dumela.

Lẹ́yìn ìyẹn lo wá kà á pé o ní ìmọ̀ púpọ̀ nípa ata, pé wàá fẹ́ kọ́ Lerato. Mo ní, "Káyọ̀dé, ata wo?" Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe ata rodo tí o gbìn láti inú èso ata mi, tí o fi sí ìta ní oṣù kẹfà, nígbà tí òtútù ń mú jù níbí, bí ẹni pé Ìbàdàn lo wà? Tí ìrì dídì bọ́, o fi ọ̀rá bò ó, ọ̀rá náà lẹ̀ mọ́ ewé, gbogbo ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ọn sì dúdú bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ jù? O pè mí ní ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn, o fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní kí o kọ ìyẹn. O ní, "Mum, ìyẹn máa dójú tì mí." Mo ní òun gan-an ni kí o kọ.

Mo gbọ́ tí ò ń tẹ fóònù. Nígbà tó yá, o kà á, mo sì ní kí o kà á síta lẹ́ẹ̀kan sí i, kí etí rẹ lè gbọ́ bóyá ohùn rẹ ni. Ó di báyìí:

"Dumela Lerato. Kọ́tìnì tó wà lórí tòmátì rẹ yẹn, ṣé ó ń gba yìnyín dúró, àbí ó máa ń rì sórí ewé? Mo fi ọ̀rá bo ata mi nígbà òtútù, ọ̀rá náà ló sì pa wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ló tún hù, mo ń bẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Kayode."

Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n dájú. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kí o yọ èyí tí kì í ṣe tìrẹ. Ọ̀rọ̀ ata tí ò ń bẹ̀, èmi ò mọ̀ nípa rẹ̀ rí títí o fi kà á. Mo gbọ́ ọ, mo sì ronú pé ọmọ yìí, ọmọ bàbá rẹ̀ ni.

*Ọjọ́ Ẹtì.*

Bàbá rẹ ti ń béèrè lẹ́tà, ó fẹ́ fi í sínú mọ́tò kó má bàa gbàgbé. Àmọ́ n kò lè lẹ àpòòwé náà láìsọ ti ọ̀sán yìí.

O pè mí láti ibi iṣẹ́. "Mum! Ó ti dáhùn!" Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. O kà á fún mi: "Ó máa ń rì! Mo wá fi igi ọwọ̀ gbé àárín rẹ̀ sókè bí àgọ́. Ní báyìí yìnyín ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jọ̀ọ́, kí lo máa ń sọ fún ata náà tí o bá ń bẹ̀ ẹ́?"

Mo kígbe, "Ẹ ṣeun Olúwa!" débi pé bàbá rẹ sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó mi orí, ó ní, "Igi ọwọ̀. Ọmọ náà gbọ́n."

Ìwọ wá ní, "Mum, kí ni kí n dá a lóhùn? Ẹ sọ fún mi kíákíá, ó wà lórí áàpù báyìí."

Mo pa fóònù.

O tún pè, mi ò gbé e. O kọ ọ́ sórí wásáàpù, o fi àmì ìbéèrè mẹ́ta lé e. (Rántí ohun tí mo sọ nípa àmì ìbéèrè.) Mo mọ̀ pé o bínú. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé wàá bà á jẹ́. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn, ó wà lẹ́nu mi, mo ní èsì mẹ́ta tó dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún ọ ní ọ̀kan, èmi ni ọmọ náà yóò máa bá sọ̀rọ̀, bí èmi àti ọ̀gbẹ́ni Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jókòó ti ara yín, kí lẹ ó wá sọ?

Kí o tó ka èyí, ó ṣeé ṣe kí o ti dá a lóhùn. Bí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, o ṣeun, jẹun. Bí o kò bá tíì ṣe é, fi ọbẹ̀ náà sílẹ̀, mú fóònù rẹ, kí o jáde lọ sí bákónì rẹ, kí o dúró níwájú ata yẹn.

Ọmọ dáadáa béèrè ohun tí ò ń sọ fún un láràárọ̀. Èmi kò sí níbẹ̀ láràárọ̀, Káyọ̀dé. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n.

Èmi tí mo dáhùn ìbéèrè ewúrẹ́ tí mo fi bí ọ,
Màmá rẹ.